Sítọ́ọ̀ oògùn: ìjábọ̀ tó ń sọ bááṣì tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde àti èyí tí kò ní tán kí ọjọ́ tó lọ

Páálí mẹ́rin ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. À ń ka oògùn inú sítọ́ọ̀ lọ́jọ́ kan, mo na ọwọ́ sẹ́yìn pẹpẹ tí a ń kó oògùn àtọ̀gbẹ sí, ọwọ́ mi sì ba páálí kan tí eruku ti bò. Mo nu ojú rẹ̀, mo ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Mẹ́ta míì tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Iwájú wọn gan-an ni páálí tuntun wà, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ṣì ku ọdún kan àtààbọ̀, inú ìyẹn la sì ti ń bù fún àwọn aláìsàn. Ìwé tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ jáde fún wa lóṣooṣù kò parọ́. Ó ní oògùn náà wà, iye rẹ̀ sì pé. Ohun tí kò sọ ni pé apá kan nínú iye yẹn ti di àdànù.

Mo wá pinnu láti tún ìjábọ̀ náà kọ. Iṣẹ́ méjì ni mo fẹ́ kó ṣe. Èkíní, ní àràárọ̀, kó sọ fún ẹni tó ń fúnni ní oògùn pé nínú gbogbo bááṣì tó wà nílẹ̀, èyí ni kó kọ́kọ́ mú. Èkejì, kó wo iwájú, kó sì sọ pé hóró mélòó nínú bááṣì wo ni kò ní rí ẹni lò ó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Mo rò pé èkíní ló máa le. Èkejì ló gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi.

Oògùn kan, ìlà mélòó?

Nínú tábìlì àtijọ́, oògùn kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan péré: orúkọ rẹ̀ àti iye tó kù. Irú tábìlì bẹ́ẹ̀ kò lè mọ ohunkóhun nípa ọjọ́, torí pé ọjọ́ kì í ṣe ti oògùn, ti bááṣì ni. Bááṣì ni gbogbo oògùn tí iléeṣẹ́ pò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n sì fún ní nọ́ńbà kan náà. Mẹtifọ́mìn mílígíráàmù 500 tó wà lórí pẹpẹ kan lè jẹ́ bááṣì mẹ́ta tí ọjọ́ wọn ò jọra. Mo bá tú tábìlì náà ká, mo jẹ́ kí bááṣì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tí lílò rẹ̀ parí, ọjọ́ tó dé, iye tó kù, àti ibi tó wà lórí pẹpẹ. SQLite ni mo lò, torí pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà ní sítọ́ọ̀ wa, faìlì kan ṣoṣo sì ni gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìlànà pé èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ ni kó kọ́kọ́ jáde kò ju ìlà mẹ́rin lọ:

```sql
SELECT item, batch_no, exp, qty, place FROM batch
WHERE qty > 0 AND hold = 0
  AND exp >= date('now', 'localtime')
ORDER BY item, exp, received;
```

Òpó tí mo pè ní `hold` wà fún bááṣì tí a ti yà sọ́tọ̀: èyí tí iléeṣẹ́ ní ká dá padà, tàbí èyí tí ooru mú tí apòògùn kò tíì dá ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n ṣì wà nínú sítọ́ọ̀, ṣùgbọ́n a ò gbọ́dọ̀ rí wọn nínú ìwé àràárọ̀. Ẹ kíyè sí i pé `exp` ṣáájú `received` nínú ìlà tó kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ sítọ́ọ̀ ló ń fi èyí tó kọ́kọ́ dé ṣáájú, wọ́n sì rò pé ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Oògùn tí ilé ìwòsàn míì fi ránṣẹ́ sí wa nítorí pé ó pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn lè dé lónìí kí ọjọ́ rẹ̀ sì kúrú ju ti èyí tó ti wà lọ́wọ́ wa láti oṣù mẹ́fà. Bó ṣe sábà máa ń rí gan-an nìyẹn, torí ọjọ́ tó ti ń kúrú ló mú kí wọ́n fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ tí Excel yí padà

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ tẹ ìjábọ̀ yìí jáde, mo tún béèrè bááṣì tí ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀, ó sì ní bááṣì kan ti kọjá ọjọ́ láti 27 oṣù Kẹta 2026. Mo lọ sí ìdí pẹpẹ láti yọ ọ́ kúrò. Mo gbé páálí rẹ̀ sókè síbi tí iná mọ́lẹ̀ sí, ohun tí mo sì rí lára rẹ̀ ni `EXP MAR 27`. Oṣù Kẹta ọdún 2027 ni iléeṣẹ́ ń sọ.

Inú Excel ni a ti ń kọ oògùn tó bá dé sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti kó gbogbo rẹ̀ wá. Bí èèyàn bá tẹ `Mar-27` sínú Excel, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ lè jẹ́ ọjọ́ nínú oṣù, nítorí náà Excel á kà á sí ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún tí a wà nínú rẹ̀. Ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Bí ẹni náà bá tẹ `03/2027` ni Excel máa mọ̀ pé oṣù àti ọdún ni, síbẹ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ló máa fi pa mọ́. Àṣìṣe ni èyí náà: nígbà tí iléeṣẹ́ bá kọ oṣù àti ọdún nìkan, a lè lo oògùn náà títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù yẹn. Tí a bá fi ọjọ́ kìíní sí i, a ti gé nǹkan bí oṣù kan kúrò lára ẹ̀mí oògùn tó dára.

Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù rọrùn láti tún ṣe, fún gbogbo bááṣì tí lébẹ́ẹ̀lì wọn kò bá ti dárúkọ ọjọ́ kan pàtó:

```sql
UPDATE batch SET exp =
  date(exp, 'start of month', '+1 month', '-1 day')
WHERE day_given = 0;
```

Ti `Mar-27` ló ṣòro, torí ọdún fúnra rẹ̀ ti sọnù. Mo kọ́kọ́ ní kí kọ̀ǹpútà wá gbogbo bááṣì tí ọjọ́ rẹ̀ bọ́ sí àárín oṣù. Ó rí díẹ̀, àmọ́ `Jun-30` bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́: oṣù Kẹfà ọdún 2030 ti di 30 oṣù Kẹfà ọdún yìí, ó sì jọ òpin oṣù tòótọ́. Ohun tó wá ṣiṣẹ́ ni kí n béèrè gbogbo bááṣì tí ọdún tó dé àti ọdún tí lílò rẹ̀ parí jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni tó ń ta oògùn kì í sábà kó ohun tí kò ku ọdún kan wá, nítorí náà irú bááṣì bẹ́ẹ̀ yẹ ní wíwò lójúkojú. Mo mú ìwé náà lọ́wọ́, mo ń lọ láti pẹpẹ dé pẹpẹ, mo ń ka ẹ̀gbẹ́ páálí kọ̀ọ̀kan. Bááṣì 11 ni ọjọ́ wọn kò tọ́ nínú 214. Ọ̀kan nínú wọn ni a ti yà sọ́tọ̀ láti sọ nù, ọdún kan sì kù lórí ẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń gba oògùn wọlé máa tẹ ọdún sí àpótí kan, oṣù sí òmíràn, ọdún sì gbọ́dọ̀ pé nọ́ńbà mẹ́rin. Páálí tó bá ní àmì onígun mẹ́rin oníkóró tín-ín-tìn-ìn-tín la máa ń fi ẹ̀rọ kà: ohun tó bá tẹ̀lé `17` nínú rẹ̀ ni ọjọ́, ohun tó bá tẹ̀lé `10` ni nọ́ńbà bááṣì. Tí ọjọ́ bá jẹ́ `00` níbẹ̀, òpin oṣù ló ń sọ.

Àádọ́rùn-ún ọjọ́ tó tàn mí

Fún iṣẹ́ kejì, mo kọ́kọ́ ṣe ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe: bááṣì tó bá ku ọjọ́ 90 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, kun ún ní pupa. Ìwé náà pupa láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́, mi ò sì lè bínú sí wọn. Oògùn tí a óò lò tán láàárín ọjọ́ mẹ́wàá wà nínú pupa, torí pé ó ku ọjọ́ 60. Èyí tó ku oṣù mẹ́wàá, tí ohun tó wà nílẹ̀ sì lè tó wa lò fún ọdún méjì, kò sí níbẹ̀ rárá.

Mo fẹ́ fi mẹtifọ́mìn ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe rí ní àárọ̀ 1 oṣù Karùn-ún. Hóró 20 là ń fúnni lóòjọ́, tí a bá pín in dọ́gba. Bááṣì mẹ́ta ló wà nílẹ̀, mo pè wọ́n ní A, B àti C. Bááṣì A ní hóró 600, ó parí ní 30 oṣù Kẹfà. B ní 2,000, ó parí ní 31 oṣù Kẹjọ. C ní 3,000, ó parí ní 31 oṣù Kìíní ọdún 2027.

Ìlànà ọjọ́ 90 kun A ní pupa, torí ọjọ́ 61 ló kù lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ń fi 20 jáde lóòjọ́, A máa tán ní 30 oṣù Karùn-ún. Kò sí ewu kankan níbẹ̀. Ó fi B sílẹ̀, torí ọjọ́ 123 ló kù lórí tiẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 123, hóró 2,460 la lè fúnni. Bááṣì A ti gba 600 nínú rẹ̀, nítorí pé òun ló ń ṣáájú. Àyè 1,860 ló kù fún B, bẹ́ẹ̀ B jẹ́ 2,000. Hóró 140 máa ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́. Ibi tí ewu wà ni ìwé wa kò kùn.

Mo wá rí i pé a ò lè wo bááṣì kan láìwo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lórí ìlà. Mo gbìyànjú láti fi ìṣírò àròpọ̀ kan ṣoṣo ṣe é: ṣe àròpọ̀ gbogbo hóró láti A dé bááṣì tí à ń wò, yọ ohun tí a lè fúnni títí di ọjọ́ rẹ̀ kúrò, ohun tó bá kù ni àdànù. Fún B, ó fún mi ní 140, ó tọ́. Fún C, àròpọ̀ jẹ́ 5,600, ọjọ́ 276 ní ìlọ́po 20 jẹ́ 5,520, ó sì ní hóró 80 máa ṣòfò nínú C.

Ìyẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀ lórí ìwé. Tí 31 oṣù Kẹjọ bá kọjá, a ò ní fún ẹnikẹ́ni ní 140 tó ṣẹ́ kù nínú B. Wọn ò ní gba ọjọ́ kankan mọ́ C lọ́wọ́. Láti 1 oṣù Kẹsàn-án dé 31 oṣù Kìíní jẹ́ ọjọ́ 153, a lè fi 3,060 jáde, C sì jẹ́ 3,000. Kò sí àdànù nínú C. Àròpọ̀ mi ń ka ohun tí a ti sọ nù bí ẹni pé ó ṣì wà lórí ìlà, ó wá ń ti ẹ̀bi rẹ̀ sọ́rùn bááṣì tó tẹ̀ lé e. Tí mo bá gbà á bẹ́ẹ̀, a lè dín oògùn tí a fẹ́ rà kù nígbà tí kò yẹ.

Mo fi SQL sílẹ̀ fún apá yìí, mo kọ ọ́ ní Python, kó lè máa rìn láti bááṣì dé bááṣì, kó sì máa rántí kìkì ohun tó jáde ní tòótọ́:

```python
def walk(batches, today, per_day, supply):
    spent = 0
    for b in batches:            # sorted by exp
        days = (b["exp"] - today).days + 1
        days = max(days - (supply - 1), 0)
        room = max(days * per_day - spent, 0)
        used = min(b["qty"], room)
        b["waste"] = b["qty"] - used
        spent += used
```

Ìlà tó ní `supply` nínú kò sí níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Apòògùn àgbà wa ló mú mi fi í síbẹ̀.

Ọjọ́ tó yẹ ká dúró

Mo gbé ìwé náà lọ bá a pẹ̀lú ìdùnnú, mo fi 140 hàn án. Ó wò ó pẹ́. Ó wá bi mí pé, "Mélòó lò ń fún àwọn tó ń gba oògùn yìí lẹ́ẹ̀kan?"

Mo ní, "Ti ọgbọ̀n ọjọ́, mà."

"Tí ẹnì kan bá wá ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹjọ, tí o fún un ní ti ọgbọ̀n ọjọ́ nínú B, ọjọ́ mélòó nínú rẹ̀ ló máa lò kí ọjọ́ tó lọ lórí ẹ̀?"

Mo kà á lórí ìka. Ọjọ́ mẹ́wàá. Ogún ọjọ́ yòókù, oògùn tó ti kọjá ọjọ́ ló máa wà lọ́wọ́ ẹni náà nílé, a ò sì ní sí níbẹ̀ láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára páálí ni ọjọ́ tí aláìsàn gbọ́dọ̀ ti lo hóró tó kẹ́yìn tán. Kì í ṣe ọjọ́ tí a lè fúnni mọ. Tí ohun tí à ń fúnni lẹ́ẹ̀kan bá jẹ́ ti ọjọ́ 30, ọjọ́ tó kẹ́yìn tí B lè jáde ni 2 oṣù Kẹjọ, kì í ṣe 31. Ọjọ́ 94 ló ní, kì í ṣe 123. Mo fi ìlà náà kún kóòdù, mo tún un rìn. Bááṣì A ṣì ń tán: ọjọ́ tó kẹ́yìn rẹ̀ di 1 oṣù Kẹfà, ọjọ́ 32, àyè 640 fún hóró 600. C náà kò ní àdànù. B kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọjọ́ 94 ní ìlọ́po 20 jẹ́ 1,880, bááṣì A ti gba 600, ó ku àyè 1,280. Hóró 720 ló máa ṣòfò, kì í ṣe 140.

Mo jókòó ti nọ́ńbà yẹn fún ìgbà díẹ̀. Ìwé pupa wa àkọ́kọ́ kò dárúkọ B rárá, bẹ́ẹ̀ ó lé ní ìdá mẹ́ta rẹ̀ tí a ò bá sọ nù. Tí mo bá sì gbé èyí tó ní 140 fún ẹni tó ń ra oògùn, á ní kò tó nǹkan, á sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ yẹn gan-an la pe ilé ìwòsàn míì tí mẹtifọ́mìn ń yá lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì gba páálí 7, hóró 700. B ku 1,300. Mo tún ìjábọ̀ náà ṣe, ó kọ 20 síwájú B. Oṣù mẹ́rin ṣì wà lórí ẹ̀ nígbà tí a fún wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà á. Ká ní a dúró títí ọjọ́ 90 fi pé, ohun tí wọ́n máa gbà ì bá kéré gan-an, torí àwọn náà ní ọjọ́ 30 tí wọ́n gbọ́dọ̀ yọ kúrò.

Hóró mélòó lóòjọ́?

Gbogbo ìṣírò yìí dúró lórí 20 yẹn, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti wá. Láàárín ọjọ́ 180 tó kọjá, hóró 2,400 la fún àwọn èèyàn. Tí a bá pín in fún 180, ó jẹ́ 13 àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ 60 nínú rẹ̀, mẹtifọ́mìn kò sí nílẹ̀ rárá. Ọjọ́ tí pẹpẹ ṣófo kò sọ fún wa pé àwọn èèyàn kò nílò oògùn. Mo yọ ọjọ́ 60 náà kúrò, mo pín 2,400 fún 120, ó sì jẹ́ 20. Oògùn tí lílò rẹ̀ ń lọ sókè sódò pẹ̀lú àsìkò, bí àwọn tí à ń lò fún ikọ́ tàbí ibà, kò yẹ kó gba nọ́ńbà kan ṣoṣo báyìí. Fún ìwọ̀nyẹn, mo máa ń wo oṣù kan náà ní ọdún tó kọjá.

Kọ̀ǹpútà ní báyìí, pẹpẹ ní tọ̀hún

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Ní ìrọ̀lẹ́ 15 oṣù Karùn-ún, mo ka mẹtifọ́mìn, kìí ṣe nítorí pé nǹkan kan ṣe mí ní kàyéfì, bí kò ṣe pé ó yẹ kí n dán iṣẹ́ mi wò. Kọ̀ǹpútà ní A ku 300, B ku 1,300, àpapọ̀ 1,600. Lórí pẹpẹ, àpapọ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ 1,600. Ó pé rẹ́gí. Mo wá ka bááṣì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: A jẹ́ 500, B jẹ́ 1,100.

Hóró 200 tí kọ̀ǹpútà yọ kúrò nínú A, inú B ló ti jáde. Mo béèrè lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n tó wà ní ojú fèrèsé tí a ti ń fúnni ní oògùn. Wọn kò fi pa mọ́ fún mi: "Nígbà tí èrò bá pọ̀, èyí tí ọwọ́ mi bá bà ni mò ń mú. Kọ̀ǹpútà yín ti kọ A sílẹ̀ kí n tó dé ìdí pẹpẹ." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi ni mo jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa yọ iye kúrò nínú bááṣì tó dábàá, láìbéèrè èyí tí wọ́n mú ní tòótọ́. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú èrò pé ohun tí ìwé bá ní kí wọ́n mú ni wọ́n máa mú. Torí pé àpapọ̀ ń pé, kíkà olóṣooṣù wa kò lè rí irú àṣìṣe yìí láéláé. Ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ ka bááṣì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan méjì ni mo yí padà. Kọ̀ǹpútà kò yọ ohunkóhun mọ́ títí ẹni tó ń fúnni yóò fi tẹ àmì mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà bááṣì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí kò bá bá èyí tí ìwé dábàá mu, kò ní dí i lọ́wọ́, torí aláìsàn ń dúró, ṣùgbọ́n inú bááṣì tó mú ló máa yọ ọ́, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Lórí pẹpẹ, a fi ìlẹ̀mọ́ pupa kan sára páálí tó yẹ kó ṣáájú, a sì kó àwọn tó kù sẹ́yìn rẹ̀ pátápátá, kí ọwọ́ má lè dé B kó tó kan A. Ìlẹ̀mọ́ yẹn ṣiṣẹ́ ju kóòdù mi lọ.

Àmọ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Mo fi iye tòótọ́ sínú rẹ̀ ní àárọ̀ 16 oṣù Karùn-ún, mo tún un rìn. Láti ọjọ́ yẹn dé 1 oṣù Kẹfà jẹ́ ọjọ́ 17, àyè 340, A sì jẹ́ 500. Hóró 160 máa ṣòfò nínú bááṣì tí a ti sọ fún ara wa pé kò ní ewu. B, tí gbogbo wa ń ṣọ́, kò ní àdànù kankan mọ́.

Àwọn ibi tí ìlànà yìí kò dé

Ìgò tí a ti ṣí kì í tẹ̀ lé ọjọ́ ara páálí mọ́. Oògùn ojú tí a ti ṣí, ọjọ́ 28 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní, ínsúlíìnì tí a ti ń lò náà sì sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fún ìgò tí a ṣí ní ìlà tirẹ̀, ọjọ́ tó bá yá jù láàárín ti páálí àti ti ṣíṣí ló ń gbà. Ní ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, àmì ooru tó wà lára ìgò rẹ̀ ló ga ju ọjọ́ lọ: èyí tí igun mẹ́rin inú àmì náà ti ń dúdú sí i ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde, kódà bí ọjọ́ rẹ̀ bá ṣì jìnnà ju ti èkejì lọ. Ìjábọ̀ mi kò lè rí àwọ̀ yẹn. Ojú èèyàn ló ń rí i, nítorí náà mo fi òpó kan síbẹ̀ tí ẹni tó bá wò ó máa fi ọwọ́ kún.

Ọjọ́ 30 tí mo kọ sínú `supply` náà kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Ohun tó gbà wá lórí hóró 160 yẹn nìyẹn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mẹtifọ́mìn máa ń gba ti ọjọ́ 14 péré, kí dókítà lè tún wò wọ́n kó tó fi kún un. Fún wọn, A ṣì lè jáde títí di 17 oṣù Kẹfà. Apòògùn àgbà ní ká fi ìlẹ̀mọ́ aláwọ̀ ewé sára páálí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn 1 oṣù Kẹfà, kí a sì máa bù ú fún àwọn ọlọ́jọ́ 14 nìkan, kí àwọn ọlọ́jọ́ 30 bọ́ sórí B. Mo jẹ́ kí kọ̀ǹpútà béèrè iye ọjọ́ kó tó dábàá bááṣì. 12 oṣù Kẹfà ni hóró tó kẹ́yìn nínú A jáde, fún ẹnì kan tó máa lò ó tán ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.